Bí a ṣe ń ka ìlà àwọ̀ ara rẹ̀sísítọ̀, àti ibi tí kíkà náà ti ń tanni jẹ

Ẹ mú rẹ̀sísítọ̀ kan tí ara rẹ̀ jẹ́ búlúù, tí ìlà àwọ̀ márùn-ún sì yí i ká: búráùn, dúdú, dúdú, pupa, búráùn. Bí ẹ bá kà á báyìí, 10,000 óòmù ni. Ẹ wá yí i po, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kejì. Ó di búráùn, pupa, dúdú, dúdú, búráùn, iye rẹ̀ sì di 120 óòmù. Kò sí èyí tó jọ àṣìṣe nínú méjèèjì, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe rẹ̀sísítọ̀ 10,000 óòmù, wọ́n sì ń ṣe ti 120. Ibi tí ọ̀pọ̀ àkọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n ti há àwọn àwọ̀ náà sórí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa mọ orí tí kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀sísítọ̀ ni kí ó dí iná lọ́wọ́ kí ó má bàa ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ. Óòmù la fi ń wọn bí ó ṣe ń dí i tó. Ẹgbẹ̀rún kan óòmù ni kílò-óòmù kan, mílíọ̀nù kan óòmù sì ni mẹ́gà-óòmù kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù kò gùn ju nǹkan bíi mílímítà mẹ́fà lọ, ó sì rí roboto. Bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà sí i lára, nọ́ńbà náà á kéré jọjọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ bọ́ọ̀dù ni nọ́ńbà máa bọ́ sí. Ìlà àwọ̀ ní tirẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, ibi yòówù kí èèyàn ti wò ó, á rí i.

Àwọ̀ mẹ́wàá ló dúró fún nọ́ńbà:

dúdú 0, búráùn 1, pupa 2, ọsàn 3, yẹ́lò 4, ewé 5, búlúù 6, àlùkò 7, eérú 8, funfun 9.

Kò nílò orin kankan láti há a sórí. Láti pupa dé àlùkò, bí òṣùmàrè ṣe tò ó náà ni: pupa, ọsàn, yẹ́lò, ewé, búlúù, àlùkò. Àwọn tó ṣókùnkùn, ìyẹn dúdú àti búráùn, wà níwájú òṣùmàrè. Àwọn tó ń ṣí lọ sí ìmọ́lẹ̀, ìyẹn eérú àti funfun, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé pupa ni 2 lè ka ìyókù síwájú àti sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi onílà mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Ara rẹ̀ sábà máa ń dà bí àwọ̀ àgbàdo gbígbẹ, kábọ́ọ̀nù ni wọ́n sì fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ká ní ìlà rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, àlùkò, pupa, wúrà. Ìlà méjì àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà tí a óò kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí: 4 àti 7, ó di 47. Ìlà kẹta kì í ṣe nọ́ńbà tí a óò kọ. Iye òfo tí a óò fi tì í lẹ́yìn ló ń sọ. Pupa jẹ́ 2, nítorí náà òfo méjì: 4700 óòmù, tàbí 4.7 kílò-óòmù. Nínú àwòrán bọ́ọ̀dù, ẹ lè rí i kí wọ́n kọ ọ́ ní 4k7; ohun kan náà ni.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń kọsẹ̀ ni dúdú nípò kẹta. Yẹ́lò, àlùkò, dúdú kì í ṣe 470. Dúdú jẹ́ 0, ó ń sọ pé kí a má fi òfo kankan kún un, 47 óòmù péré ni. Búráùn nípò yẹn ló máa sọ ọ́ di 470. Bí ìlà kẹta bá jẹ́ wúrà, ńṣe la máa pín nọ́ńbà náà sí mẹ́wàá: yẹ́lò, àlùkò, wúrà jẹ́ 4.7 óòmù. Bí ó bá jẹ́ fàdákà, a ó pín in sí ọgọ́rùn-ún, ó di 0.47 óòmù. Irú àwọn kékeré bẹ́ẹ̀ la máa ń bá nítòsí tàǹsísítọ̀ ńlá inú áńpù àti nínú ohun tí ń sọ iná di ti bátìrì.

Ìlà kẹrin ni ìyapa, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tọ́láránsì. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀sísítọ̀ kí gbogbo wọn jẹ́ 4700 óòmù gééré. Nítorí náà, wọ́n á ṣèlérí bí ó ṣe lè jìnnà sí iye tó wà lára rẹ̀ tó nígbà tó bá jáde ní ilé iṣẹ́. Wúrà dúró fún ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún 4700 jẹ́ 235, torí náà ohunkóhun láti 4465 dé 4935 óòmù ti bá ìlérí mu. Bí mítà yín bá sọ pé 4580, kò sí ohun tó ṣe rẹ̀sísítọ̀ náà. Fàdákà jẹ́ ìdá 10. Èyí tí kò ní ìlà kẹrin rárá jẹ́ ìdá 20, inú rédíò àtijọ́ lẹ sì ti lè bá a pàdé. Ní ti àwọn tó péye jù, búráùn jẹ́ ìdá 1, pupa jẹ́ ìdá 2, ewé jẹ́ ààbọ̀ ìdá kan, búlúù jẹ́ 0.25, àlùkò jẹ́ 0.1.

Ẹ kíyè sí i pé búráùn tó jẹ́ 1 nípò nọ́ńbà tún jẹ́ ìdá 1 nípò ìyapa, pupa náà sì jẹ́ 2 níbi méjèèjì. Ibẹ̀ ni ìbáramu náà parí sí. Ewé jẹ́ 5 nínú nọ́ńbà, ṣùgbọ́n 0.5 ni nínú ìyapa. Ẹni tó bá fi àbá lásán kà á á sọ pé ìdá 5 ni, á sì ti sọ rẹ̀sísítọ̀ tó péye di èyí tí kò péye.

Ǹjẹ́ ìyapa yìí já mọ́ nǹkan? Ó kù sí ibi tí a fẹ́ lò ó. Ká ní a fẹ́ fi bátìrì 12 fóòtì tan iná ẹ́líídì pupa kékeré kan tó ń gba 2 fóòtì. Fóòtì 10 ló kù fún rẹ̀sísítọ̀. Bí a bá lo 1000 óòmù, iná tó máa ṣàn jẹ́ 10 mílí-áńpù. Bí rẹ̀sísítọ̀ náà bá fi ìdá 5 dín, tó jẹ́ 950, iná á di 10.5, bí ó bá fi ìdá 5 lé, á di 9.5. Kò sí ojú èèyàn tó máa rí ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ná owó lé rẹ̀sísítọ̀ onídàá 1 fún irú iṣẹ́ yìí kàn náwó ni.

Ẹ wá wo iṣẹ́ mìíràn. Ẹnì kan fẹ́ kí bọ́ọ̀dù kékeré máa ṣọ́ bátìrì ínfátà rẹ̀, kí ó gé iná nígbà tí bátìrì bá ti fẹ́ gbẹ. Bọ́ọ̀dù náà kò lè gba 12 fóòtì sára, nítorí náà yóò fi rẹ̀sísítọ̀ méjì pín in: 20 kílò-óòmù lókè, 10 kílò-óòmù nísàlẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta fóòtì bátìrì ló máa yọ láàárín wọn, ìyẹn 4 fóòtì nígbà tí bátìrì bá jẹ́ 12. Bọ́ọ̀dù á fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀, á sì mọ iye tí bátìrì ní.

Bí méjèèjì bá jẹ́ oníwúrà, tó wá bọ́ sí i pé ti òkè fi ìdá 5 dín, tó di 19 kílò-óòmù, tí ti ìsàlẹ̀ sì fi ìdá 5 lé, tó di 10.5, fóòtì tó máa yọ á jẹ́ nǹkan bíi 4.27. Bọ́ọ̀dù á rò pé 12.8 fóòtì ni bátìrì ní. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì, tí ti òkè jẹ́ 21 tí ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 9.5, fóòtì á jẹ́ 3.74, bọ́ọ̀dù á sì ka bátìrì kan náà sí 11.2. Fún bátìrì olómi, 12.8 jẹ́ bátìrì tó kún dẹ́nu, 11.2 sì jẹ́ èyí tó ti gbẹ kọjá ààlà. Bátìrì kan náà ni o. Bí a bá fi onídàá 1 rọ́pò àwọn méjèèjì, èyí tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ ni kí bọ́ọ̀dù ka 12 fóòtì sí 12.16 tàbí 11.84. Èyí ṣì lè mú kí ó gé iná ṣáájú àsìkò díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pa bátìrì. Níbi báyìí, àwọ̀ ìlà tó gbẹ̀yìn ṣe pàtàkì bí àwọn tó ṣáájú.

Láti inú ọ̀rọ̀ ìyapa yìí la ti máa rí ohun kan tó ń ran kíkà lọ́wọ́ gan-an. Ẹ lè wá gbogbo ọjà kiri, ẹ kò ní rí rẹ̀sísítọ̀ 5000 óòmù onílà mẹ́rin tó wọ́pọ̀. 4700 tàbí 5100 lẹ máa rí. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Ní ti onídàá 10, nọ́ńbà méjìlá péré ni wọ́n yàn: 10, 12, 15, 18, 22, 27, 33, 39, 47, 56, 68, 82. Lẹ́yìn 82, ó tún padà sí 100, 120, 150, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìdá 10 kún 47, ó di 51.7. Ẹ yọ ìdá 10 kúrò nínú 56, ó di 50.4. Àwọn méjèèjì ti pàdé, kò sí àlàfo láàárín wọn tó yẹ kí nọ́ńbà mìíràn wà. Fún onídàá 5, wọ́n fi méjìlá mìíràn há àárín wọn: 11, 13, 16, 20, 24, 30, 36, 43, 51, 62, 75, 91.

Ohun tó wúlò níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá ka onílà mẹ́rin tí nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ já sí 74 tàbí 28, ó ṣeé ṣe gan-an kí ẹ ti ṣi àwọ̀ kan mú. Ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún wọ̀nyí dunjú máa ń mọ̀ pé òun ti ṣìnà kó tó ka ìlà kẹta.

Onílà márùn-ún ló kù. Èyí tó ní ara búlúù, tí wọ́n fi ìpele irin tín-ín-rín ṣe, ló kún inú páálí tí wọ́n ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ṣáájú, ìlà kẹrin ló ń sọ iye òfo, ìlà karùn-ún ni ìyapa. 4700 óòmù tí a kà lókè, lórí onílà márùn-ún, á di yẹ́lò, àlùkò, dúdú, búráùn, búráùn: 4, 7, 0, òfo kan, ìdá 1. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa ka onílà mẹ́rin á rí yẹ́lò, àlùkò, dúdú, á sì sọ pé 47 óòmù ni. Ó ti fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ṣì í. Nítorí náà, kí a tó ka àwọ̀ kankan, iye ìlà ni ká kọ́kọ́ kà.

Bí ìlà bá pé mẹ́fà, márùn-ún àkọ́kọ́ kò yí padà. Ìkẹfà ń sọ bí iye náà ṣe ń yí nígbà tí ooru bá mú un. Búráùn níbẹ̀ túmọ̀ sí ọgọ́rùn-ún nínú mílíọ̀nù kan fún ìwọ̀n ooru Sẹ́síọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Fún 10 kílò-óòmù, óòmù kan péré nìyẹn. Ẹni tí kò bá ṣe ohun èlò ìwọ̀n kò ní fi bẹ́ẹ̀ bá a pàdé.

Ó wá ku ibi tí kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lórí onílà mẹ́rin, kò sí wàhálà: wúrà àti fàdákà kì í ṣe nọ́ńbà, wọn kò lè ṣáájú. Ẹ gbé wọn sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òsì. Lórí onílà márùn-ún, búráùn ló sábà máa ń wà nípò ìyapa, búráùn sì lè jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Ìwé máa ń sọ pé ìlà ìyapa máa ń jìnnà díẹ̀ sí àwọn tó kù, tàbí kí ó fẹ̀ jù wọ́n lọ. Òótọ́ ni, lára èyí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe. Lára àwọn olówó pọ́ọ́kú, àlàfo àárín àwọn ìlà máa ń dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè yà á sọ́tọ̀, ẹ má sì fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ kà á láti orí méjèèjì, kí ẹ sì wo èyí tó bọ́gbọ́n mu. 4700 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, láti ẹ̀yìn, jẹ́ búráùn, búráùn, dúdú, àlùkò, yẹ́lò. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 110 pẹ̀lú òfo méje, ìyẹn ju bílíọ̀nù kan óòmù lọ, yẹ́lò sì wá wà nípò ìyapa. Kò sí irú rẹ̀ nínú páálí ẹnikẹ́ni. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn fún èyí tó pọ̀ jù: bí kíkà bá gbé ọsàn, yẹ́lò, eérú tàbí funfun sí ìparí, ẹ ti kà á láti ẹ̀yìn, torí ọjà ojoojúmọ́ kì í ta irú ìyapa bẹ́ẹ̀. Ewé àti búlúù ní ìparí lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo iye tó jáde. 5600 láti ẹ̀yìn á di 110 mẹ́gà-óòmù, kò sì nílò ìjiyàn.

Àwọn tó kù tí wọ́n lè tan èèyàn jẹ ní tòótọ́ kò pọ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú búráùn ni, torí búráùn wà ní orí méjèèjì. 1 kílò-óòmù láti ẹ̀yìn jẹ́ 110 óòmù. 10 kílò-óòmù jẹ́ 120. 100 kílò-óòmù jẹ́ 130. Gbogbo wọn ló wà nínú nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún tí a tò lókè, gbogbo wọn sì jẹ́ onídàá 1 láti orí méjèèjì. 100 óòmù nìkan ni kò ní wàhálà: búráùn, dúdú, dúdú, dúdú, búráùn, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pupa tún tẹ̀ lé wọn. 2200 óòmù láti ẹ̀yìn á di 11 kílò-óòmù onídàá 2. Bí gbogbo páálí yín bá jẹ́ onídàá 1, pupa ní ìparí ti tú àṣírí fún yín.

Kí ni ẹni tó bá fi 120 síbi tí 10 kílò-óòmù yẹ kó wà máa rí? Ká ní rẹ̀sísítọ̀ náà wà láàárín 5 fóòtì àti bọ́tìnì kan, tí bọ́tìnì sì ń so ó mọ́ ilẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Pẹ̀lú 10 kílò-óòmù, ààbọ̀ mílí-áńpù ló ń kọjá. Pẹ̀lú 120 óòmù, ó lé ní 41 mílí-áńpù, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 0.21 wáàtì. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìdá mẹ́rin wáàtì kò ní jó, ṣùgbọ́n á gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè gbé e lé. Iṣẹ́ náà ò sì ní dúró: bọ́tìnì á ṣì máa ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi ń pẹ́ kí a tó rí i. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ATmega328P, ìyẹn ọpọlọ bọ́ọ̀dù Àdùínò Únò, ló ń fa iná náà wálẹ̀ dípò bọ́tìnì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Iye tó ga jù lọ tí ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kó má baà bàjẹ́ jẹ́ 40 mílí-áńpù. Ní òdìkejì, ẹni tó fi 10 kílò-óòmù síbi tí 120 yẹ kó wà fún iná ẹ́líídì á rí iná tó ṣú bàìbàì, á sì máa rò pé iná náà ló ti kú.

Àwọ̀ fúnra rẹ̀ tún máa ń tanni jẹ. Lórí ara búlúù, pupa, búráùn àti ọsàn máa ń jọra, àlùkò á sì jọ búlúù. Lábẹ́ gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ọsàn àti pupa máa ń di ìbejì. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tàbí iná funfun ni ká fi wò ó. Ọgbọ́n nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún kò ní gbà wá níbi gbogbo: pupa-pupa jẹ́ 22, ọsàn-ọsàn jẹ́ 33, méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mítà ti máa ń di dandan.

Fún wíwọn, ẹ yí mítà sí ibi óòmù, kí ẹ mú ìwọ̀n tó ga ju iye tí ẹ ń retí lọ díẹ̀. Fún 10 kílò-óòmù, ibi 20k ni. Á sọ ohun tó sún mọ́ 10.00. Bí ẹ bá fi sí 2k, nọ́ńbà 1 kan ṣoṣo á dúró sí apá òsì, tàbí kí ó kọ OL. Kò sọ pé rẹ̀sísítọ̀ ti já. Iye náà ti kọjá ibi tí ẹ fi mítà sí ni. Bí 120 bá ni, 20k á kọ 0.12, ìjiyàn sì ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé mítà olówó pọ́ọ́kú á jẹ́rìí sí ìdá 1. Mítà náà fúnra rẹ̀ sábà máa ń fi nǹkan bí ìdá kan yàtọ̀. Ó lè sọ fún yín bóyá 22 ni tàbí 33, kò lè dájọ́ láàárín 9.9 àti 10.

Bí iye bá kéré, bíi 1 óòmù tàbí 0.47, ẹ kọ́kọ́ fi orí wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn. Ohun tó bá kọ, ó lè jẹ́ 0.2 tàbí 0.4, ti wáyà fúnra rẹ̀ ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí iye bá pọ̀, bíi mẹ́gà-óòmù kan, ẹ má fi ìka méjèèjì di àwọn orí irin náà mú. Ara èèyàn náà ń gbé iná, òun náà á wọ inú ìwọ̀n, iye á sì jáde kéré ju bó ṣe rí.

Lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti sódà, ẹ pa iná, kí ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì jẹ́ kí kàpásítọ̀ ńlá tú iná rẹ̀ dànù kí ẹ tó gbé mítà kàn án. Iye tí ẹ máa rí lè kéré ju àwọ̀ lọ, torí àwọn nǹkan mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí iná ń bá kọjá. 10 kílò-óòmù tí 2.2 kílò-óòmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kọ 1.8, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ẹ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè kí ẹ tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n bí iye tí ẹ rí lórí bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn tí nọ́ńbà ti dúró jẹ́ẹ́, bá ga ju ibi tí ìyapa dé lọ, rẹ̀sísítọ̀ náà ti bàjẹ́; ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè dín iye kù, kò lè fi kún un.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun méjì tó jọ rẹ̀sísítọ̀. Èyí tó ní ìlà dúdú kan ṣoṣo ní àárín jẹ́ òfo óòmù. Wáyà ni, wọ́n fi ń rékọjá ọ̀nà mìíràn lórí bọ́ọ̀dù ni. Èkejì ni kọ́ìlì kékeré tó ní ìlà àwọ̀, tí ara rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe óòmù ló ń sọ. Bí àwọ̀ bá sọ 1000 tí mítà sì kọ óòmù bíi mélòó kan péré, ẹ wo bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí wọ́n bá kọ L síwájú nọ́ńbà rẹ̀ dípò R, kọ́ìlì ni.

Èyí tó ti jó ló le jù. Ooru máa ń sọ pupa àti ọsàn di búráùn, a sì lè rí búráùn mẹ́ta tí kò sí búráùn kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mítà náà kò ní ràn wá lọ́wọ́, torí rẹ̀sísítọ̀ tó jó sábà máa ń já tàbí kí iye rẹ̀ ga sókè. Bí bọ́ọ̀dù bá jẹ́ ti áńpù olóhùn méjì, ẹ wo ìhà kejì: ti ọ̀tún àti ti òsì sábà máa ń rí bákan náà, ẹnì kejì rẹ̀ tí kò jó á ṣì ní àwọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí ìhà kejì, nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, bíi R14, lẹ máa fi wá iye rẹ̀ nínú àwòrán ẹ̀rọ náà. Kí ẹ tó sódà tuntun sí i, ẹ wá ohun tó jó o. Tàǹsísítọ̀ tàbí kàpásítọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti kan ara wọn nínú ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, tuntun náà á sì jó láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí a kò bá kọ́kọ́ yọ ọ́.